Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, síbẹ̀ ọmọ rẹ̀ dá a mọ̀: ẹ sọ ìrírí tiyín

Àbẹ̀kẹ́ Kétu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ní 2019, lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, mo fọ̀rọ̀ wá obìnrin 14 lẹ́nu wò, àwọn tí ń ta epo kpáyò, bẹntiróòlù fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, láàárín Kétu sí Ìlárá. Mo ka ìwé ìyọ̀ǹda sí wọn létí pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé àwọn ló sọ̀rọ̀. Nínú ìwé tí mo kọ, K01 dé K14 ni mo pè wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ K09 pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, màmá mi ló wà lójú ewé 62." Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní mo kọ bí àwọn ará ọjà ṣe kí ìyá òun kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Oríkì ilé wọn ni mo fi sílẹ̀ lódindi, torí pé ó dùn létí mi. Ìyá fúnra rẹ̀ kò bínú, àmọ́ ẹbí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó gbé epo rí.

Ohùn gbogbo wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú fílàṣì kan àti nínú fóònù tí mo fi gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí lẹ ṣe sí tiyín nígbà tí iṣẹ́ parí?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Tí ẹ bá ti yọ orúkọ, ó ti tán. Àìmọ̀ ẹni nìyẹn. Ọmọ ló mọ ìyá ẹ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún un.

Bàbá Olùkọ́, Sábẹ
Kò tán o, àbúrò. Àìmọ̀ ẹni ni pé èmi tí mo ń bèèrè gan-an kò mọ ẹni tó dáhùn. Bí ẹni kọ èsì sórí ìwé tí kò ní orúkọ, tó jù ú sínú àpótí, tó bá tirẹ̀ lọ. Àbẹ̀kẹ́ jókòó ti ìyá yìí, ó mu omi ilé rẹ̀, ó gba ohùn rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tó lè ṣèlérí fún un ni pé, "Mo mọ̀ ọ́, mi ò ní sọ." Ìlérí "kò sẹ́ni tó máa mọ̀" kì í ṣe ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ojúkojú. Èmi náà ti kà á sí èèyàn létí bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí.

Orúkọ nìkan kọ́ là ń yọ. Tí mo bá da ọ̀rọ̀ ẹnì kan kọ tán, mo máa ń tún un kà bí ẹni pé aládùúgbò rẹ̀ ni mí. Oríkì ń kọ́? Ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibo? Ó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì? Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún wo? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tú àṣírí, ṣùgbọ́n bí mẹ́ta bá pàdé, ní ìlú bíi Kétu, ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Mo ń sọ "ìbejì lẹ́ẹ̀mejì" di "ọmọ púpọ̀", mo sì ń kọ "[oríkì ìdílé, a yọ ọ́]" sí ibi tó yẹ.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun, bàbá. Ti oríkì yẹn, mi ò rò ó rí. Àmọ́ tí a bá yọ gbogbo ẹ̀, kí ló kù nínú ìwé?

Fọlákẹ́ Àkọ̀wé
Èmi ni mò ń da ohùn kọ fún wọn, mo fẹ́ fi tèmi kún un. Ẹ má fọkàn tán kí kọ̀ǹpútà wá orúkọ kó sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó sọ "Adé" di "K03", ló bá sọ "adé ọba" di "K03 ọba" káàkiri ìwé. Lọ́jọ́ mìíràn mo wá orúkọ kan pẹ̀lú àmì ohùn, ó rí i ní ibi 9. Mo wá a láìsí àmì, ó tún rí 4 tí mo ti fi ìkánjú tẹ̀. Ẹ fi ojú kà á dé òpin.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ohùn gbígbà. Ọmọ mi pa ohùn ìgbéyàwó àbúrò mi rẹ́ lórí fóònù, nínú káàdì kékeré yẹn. Ṣé ó ṣì ṣeé rí?

Sàláwù Alátùn-únṣe
Ẹ yọ káàdì náà kíákíá, màmá, ẹ má fi gba nǹkan kan mọ́. Tí wọn ò bá tíì kọ nǹkan mìíràn lé e lórí, ètò kan wà tó ń jẹ́ PhotoRec, ọ̀fẹ́ ni, ó lè kó o jáde. Orúkọ fáìlì ni fóònù máa ń pa rẹ́, ohùn gan-an ṣì wà níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Kétu
Ẹ̀gbọ́n Sàláwù, ṣé ìyẹn ni pé ohùn àwọn ìyá mi tí mo bá pa rẹ́ lórí fílàṣì, ẹlòmíì lè kó o jáde?

Sàláwù Alátùn-únṣe
Ó lè kó o jáde o. Kódà bí ẹ bá kọ nǹkan mìíràn lé e lórí, fílàṣì máa ń pín ibi tó ń kọ nǹkan sí kó má baà tètè gbó, nítorí náà àṣẹ́kù lè fara pamọ́. Ohun tó dára ni kí ẹ ti ilẹ̀kùn kí ohùn tó wọlé. Ẹ fi VeraCrypt, ètò tó ń fi aṣínà ti fáìlì pa, ṣe àpótí kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn, inú rẹ̀ lohùn ń wọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á. Lọ́jọ́ tí àkókò bá pé, ẹ pa àpótí rẹ́. Ẹni tó bá rí àṣẹ́kù rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan kà láìsí aṣínà. Àmọ́ tí ẹ bá gbàgbé aṣínà, èmi náà ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ti èyí tó ti wà lórí fílàṣì, ẹ fọ́ fílàṣì náà.

Ṣé ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp?

Àbẹ̀kẹ́ Kétu
Bẹ́ẹ̀ ni. Sí ọmọkùnrin tó bá mi da mẹ́rin kọ.

Sàláwù Alátùn-únṣe
Ó wà lórí fóònù tiẹ̀ náà nìyẹn, bóyá ó sì ti wọ Google Drive rẹ̀ lọ. Ẹ pè é.

Fọlákẹ́ Àkọ̀wé
Ìwé tó so K01 mọ́ orúkọ ńkọ́? Mo rí ẹni tó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a dà kọ. Ẹni tó bá jí ọ̀kan ti jí méjèèjì.

Ọmọ Onísábẹ
Ẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n fọ́ ọ. Ẹnì kan gba ohùn bàbá bàbá mi ní Sábẹ, wákàtí méjì lórí ìtàn ilé wa. Bàbá ti kú. A lọ béèrè ohùn náà, wọ́n ní àwọn ti pa á rẹ́ torí ìwé ìyọ̀ǹda sọ ọdún 5. Ta ni wọ́n dáàbò bò?

Bàbá Olùkọ́, Sábẹ
Ó dùn mí, ọmọ mi. Àmọ́ ọdún 5 ni bàbá fọwọ́ sí. Ṣé wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ? Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn dá dúró nínú ìwé.

Ọmọ Onísábẹ
Bàbá kò mọ ìwé kà. Ìka ló tẹ̀. Mi ò gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin
Òfin wa ní Benin, 2017-20 ti oṣù kẹrin 2018, ní kí a má tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹni ju bí iṣẹ́ tí a torí ẹ̀ gbà á ṣe nílò lọ. APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ẹni, ló ń mójú tó o. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni ilé ẹjọ́. Ní Boston College, Amẹ́ríkà, wọ́n gba ohùn àwọn tó jà ní Àríwá Ireland, wọ́n sì ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ títí wọ́n á fi kú. Ní 2011 ìjọba béèrè, ilé ẹjọ́ dá sí i, díẹ̀ nínú ohùn náà sì dé ọwọ́ ọlọ́pàá. Epo kpáyò kò bófin mu. Ohun tí kò bá sí lọ́wọ́ yín mọ́, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín.

Àbẹ̀kẹ́ Kétu
Mo ti pe ọmọkùnrin yẹn. Ó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lórí fóònù òun, àti pé òun ti ta fóònù àtijọ́. Lọ́jọ́ Sátidé mo ń lọ sọ́dọ̀ K09. N óò gbé ohùn rẹ̀ dání, n óò jẹ́ kó gbọ́ ọ tán, lẹ́yìn náà n óò bi í ohun tó fẹ́ kí n ṣe sí i.