Mo fẹ́ fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ lọ sin ẹja, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tèmi: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Mo máa pé ogójì ọdún lóṣù tó ń bọ̀, iṣẹ́ báǹkì yìí sì ti sú mi pátápátá. Lánàá, máníjà wa bú mi níwájú àwọn oníbàárà àti ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Ó ní bí mi ò bá lè mú oníbàárà tuntun wá, kí n lọ máa ta gúgúrú. Ọmọ tí mo dàgbà jù! Ilẹ̀ á ti ṣú ká tó jáde, ọmọ mi kékeré á ti sùn kí n tó délé. Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù. Sùúrù wo ló tún kù?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kàn fẹ́ bẹ́ sómi o, mo ti dán iṣẹ́ ẹja wò. Mo kó 300 ọmọ ẹja àrọ̀ sínú kòtò tapólì lẹ́yìnkùlé àbúrò ọkọ mi ní Apáta. Kílò 205 ni mo tà níkẹyìn, 4,000 náírà ni kílò kan. Owó tí mo ná jẹ́ nǹkan bíi 410,000, èyí tó wọlé sì jẹ́ 820,000. Ìlọ́po méjì! Mo fẹ́ kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ níparí oṣù yìí, kí n wa kòtò ńlá mẹ́rin. Ṣé kí n lọ báyìí, àbí kí n dúró gba owó Kérésì?

Àdùkẹ́ Aránṣọ: Ẹ lọ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ tíṣà lèmi náà fi sílẹ̀ kọ́ṣẹ́ aṣọ. Ọdún àkọ́kọ́ le o, ọkọ mi ló dá owó ilé-ìwé àwọn ọmọ san, mo ta gèlè mi méjì. Ṣùgbọ́n lónìí ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ mi.

Ìyá Àdúrà: Ọkọ sọ pé kí ẹ ní sùúrù, ẹ wá bá wa síbí. Ṣé àwa la jọ ń gbélé ni? Ẹ padà lọ bá ọkọ yín sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́ Aránṣọ: Màámi, kò béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló béèrè.

Bàbá Wálé: Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí owó dá yín dúró. Tí ẹ bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ẹ lọ gba owó ìfẹ̀yìntì yín, gbogbo ẹ̀ ni kí ẹ fi wa kòtò.

Akọ̀wé Ìjọba: Bàbá Wálé, ẹ rọra. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé 50 ọdún lè gba owó díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ìdá 25 nínú 100 lọ, ó sì di ẹ̀yìn oṣù mẹ́rin tí kò bá tíì ríṣẹ́ mìíràn. Èyí tó kù á wà níbẹ̀ di ìgbà tó bá tó àkókò. Ìyá Tèmi, kí lẹ máa jẹ ní oṣù mẹ́rin yẹn? Ṣé ẹ jẹ báǹkì yín ní gbèsè?

Bàbá Ẹlẹ́ja Eriwe: Ẹ jọ̀ọ́, èmi ní ìbéèrè kan kí á tó lọ jìnnà. Ìyá Tèmi, àpò oúnjẹ mélòó lẹ fi bọ́ ẹja yẹn?

Ìyá Tèmi: Àpò mẹ́sàn-án, oní kílò 15, 28,500 ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyókù owó ni ọmọ ẹja 45,000, tapólì 80,000, omi àti gbígbé rẹ̀ 30,000. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Wálé, ẹ ṣé, mo ti rò ó bẹ́ẹ̀ náà.

Bàbá Ẹlẹ́ja Eriwe: Àpò mẹ́sàn-án jẹ́ kílò 135. Ẹja tó wọn kílò 205 kò lè jáde látinú kílò 135 oúnjẹ. Lọ́dọ̀ wa níbí, tí a bá tọ́jú ẹja dáadáa, kílò oúnjẹ kan àti díẹ̀ lórí ẹ̀ ló ń di kílò ẹja kan. Ó yẹ kí ẹ lo nǹkan bí àpò mẹ́rìndínlógún. Ta ló bọ́ èyí tó kù?

Ìyá Tèmi: Àbúrò ọkọ mi ní kòtò tirẹ̀ níbẹ̀, ó ń bu díẹ̀díẹ̀ sí i tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Kò gba owó lọ́wọ́ mi, ìyẹn kì í ṣe gbèsè. Ó tún bá mi pàrọ̀ omi. Ṣùgbọ́n ẹja 228 péré ni mo rí kó níkẹyìn nínú 300, mi ò sì rí òkú ẹja tó pọ̀. Mo rò pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló jí i. Bákan náà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti ará ibi iṣẹ́ mi ló rà gbogbo ẹ̀ tán, ó tà bí àkàrà.

Bàbá Ẹlẹ́ja Eriwe: Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tún un kà. Àpò méje tí àbúrò ọkọ yín fi kún un jẹ́ 199,500. Owó tó jáde di 611,000. Ṣùgbọ́n tapólì ṣì máa sin ẹja mìíràn, ẹ yọ 80,000 rẹ̀ kúrò, ó ku 531,000. Ẹ wá wo ibi títà. Ará ṣọ́ọ̀ṣì lè ra kílò 205, wọn ò lè ra ti kòtò ńlá mẹ́rin. Ìyá ẹlẹ́ja ló máa wá kó o, òun ló sì ń dá iye. Èló ni wọ́n ń kó o ní Apáta báyìí?

Ìyá Tèmi: Ẹnìkan sọ 2,900.

Bàbá Ẹlẹ́ja Eriwe: 205 ní 2,900 jẹ́ 594,500. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín jẹ́ 63,500, lẹ́yìn bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, láìsan owó ọmọ iṣẹ́. Ẹja yín dàgbà, mi ò jiyàn. Ẹ ò tíì dán iṣẹ́ náà wò ni mò ń sọ. Àbúrò ọkọ yín ló sin ín, àwọn ọ̀rẹ́ yín ló rà á.

Ní ti ẹja tó dín, ó lè jẹ́ olè. Ṣùgbọ́n ẹja àrọ̀ máa ń jẹ ara wọn. Àwọn kan á yára tóbi ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n á máa gbé àwọn kékeré mì, ẹ ò ní rí òkú kankan. Ṣé ẹ ṣà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì kéré?

Ìyá Tèmi: Rárá. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Bàbá Wálé: Olè ni. Mo mọ àwọn ọmọ iṣẹ́.

Akọ̀wé Ìjọba: Ìyá Tèmi, ẹ ò dáhùn ọ̀rọ̀ gbèsè.

Ìyá Tèmi: Owó ilé ni. Báǹkì ló yá mi kọ́lé, wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi, ó ku ọdún mẹ́rin. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní in, ìdí nìyẹn tí mi ò fi dárúkọ ẹ̀.

Akọ̀wé Ìjọba: Háà! Ẹ wá ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lálẹ́ òní, kí ẹ ka ohun tó sọ nípa ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀. Níbi tí mo ti rí irú rẹ̀, wọ́n ń béèrè gbogbo owó tó kù lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí wọ́n gbé èlé rẹ̀ sókè bíi ti ará ìta. Ẹ má kọ lẹ́tà kankan títí ẹ ó fi kà á.

Ìyá Tèmi: Mo ti kà á. Wọ́n ní kí n san gbogbo ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Èrò mi ni pé ẹja á ti san án.

Àdùkẹ́ Aránṣọ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ má tíì lọ. Èmi kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó nígbà tèmi.

Bàbá Ẹlẹ́ja Eriwe: Ẹja kì í tó tà ní oṣù mẹ́ta. Ìmọ̀ràn tèmi rèé. Ẹ tún kó 300 sí i, inú ọgbà tiyín ni kí ó wà, kí gbogbo oúnjẹ ti àpò yín jáde. Ẹ máa ṣà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìsinmi ọdún yín sí oṣù tó kẹ́yìn, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń jẹun jù, tí omi sì ń tètè bàjẹ́. Ẹja tí ara rẹ̀ dá á sáré sí oúnjẹ, omi á máa ta yàà. Tí wọ́n bá nàró lójú omi, ẹnu sókè, tí wọn ò fẹ́ jẹun, ẹ dá oúnjẹ dúró kí ẹ pàrọ̀ omi kíá. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án tí ẹ wà ní báǹkì, ẹ ó mọ ohun tó ń ná ni láti ní ọmọ iṣẹ́.

Ìyá Àdúrà: Ṣé mo tíì lè béèrè ohun tí ọkọ sọ nípa ilé yẹn?

Ìyá Tèmi: Màámi, ọkọ mi ò tíì mọ ohun tó wà nínú ìwé náà. Bàbá Eriwe, mo gbọ́. Mi ò lè ṣèlérí pé mo máa lè fara da máníjà yẹn títí ẹja á fi tó tà, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ lẹ́tà lóṣù yìí. Báwo ni mo ṣe máa rí ìyá ẹlẹ́ja tó máa wá kó ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ mi?

Bàbá Ẹlẹ́ja Eriwe: Ẹ lọ bá wọn lọ́jà láàárọ̀ kùtù kí ẹ tó ra ọmọ ẹja. Ẹ béèrè ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́, torí àwọn kan ò fẹ́ ẹja tó tóbi jù, ẹlẹ́ja yíyan fẹ́ kékeré. Tí ọjọ́ títà bá dé, ẹ mú òṣùwọ̀n tiyín dání, ẹ má fi ti wọn nìkan wọn ọ́n.