Àgbà tó ń kúrú: ṣé “ìsúnkì” la máa pè é?

Alfa Pàkátà: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn àgbà àdúgbò wa n'Ílọrin, mo wá dé ibi tí wọ́n ti sọ pé àgbà máa ń kúrú díẹ̀díẹ̀. “Ìsúnkì àgbà” ni mo kọ. Ṣé ó bọ́ sí i?

Nọ́ọ̀sì Tánkẹ̀: Alfa, ó kù díẹ̀ káàtó o. Aṣọ ló ń súnkì, tó bá sì súnkì tapá tẹsẹ̀ ló máa kúrú pọ̀. Àgbà ò rí bẹ́ẹ̀. Eegun itan wọn ṣì gùn bó ṣe gùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, apá ò yẹ̀, ẹ̀yìn nìkan lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ọ̀pá ẹ̀yìn bí eegun tí wọ́n tò léra bíi búlọ́ọ̀kù, nǹkan rírọ̀ kan wá wà láàárín wọn, 23 ni, omi ló pọ̀ nínú ẹ̀. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ omi yẹn ń gbẹ, nǹkan ọ̀hún ń fẹ́lẹ́ sí i, ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kéèyàn máa fi bíi sẹ̀ntímítà 1 sílẹ̀ ní ọdún 10-10 tó bá ti kọjá 40. Èmi á pe nǹkan rírọ̀ yẹn ní tìmùtìmù.

Ọmọ Òmù-Àrán: Ẹ má bínú, ṣé èmi náà ti wà níbẹ̀? Ọdún 34 ni mí, mo wọn ara mi láàárọ̀, mo tún wọ̀n ọ́n nírọ̀lẹ́, ó fi sẹ̀ntímítà 1 dín 😭

Nọ́ọ̀sì Tánkẹ̀: Àbúrò, lọ sùn jàre. Ìdúró ọ̀sán ló fún omi jáde nínú tìmùtìmù ẹ, tó o bá sùn ó máa fà á padà. Ti àgbà ni kì í padà kún bíi tàná mọ́.

Bàbá Tíṣà: Èmi ò rí ìdí tá a fi ń wá ọ̀rọ̀ tuntun. “Iké àgbà”, ó parí. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti kúrú, kó na apá méjèèjì, kí wọ́n wọ̀n ọ́n látorí ìka dé orí ìka, iye yẹn ni gíga ẹ̀ nígbà ọ̀dọ́.

Nọ́ọ̀sì Tánkẹ̀: Bàbá, ẹ ṣeun, ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n apá ọ̀pọ̀ nínú wa gùn ju gíga wa lọ látilẹ̀, ó lè tan yín. Ìwọ̀n àtijọ́ ló dáa jù téèyàn bá ní in. Iké ńkọ́? Ẹ dán an wò, ẹ pe ìyá ẹnìkan ní abuké.

Ìyá Télọ̀, Òfà: Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí èmi ni mo kọ́kọ́ rí i lára ìyá mi. Àbáyà tí mo rán fún wọn, ọrùn ẹsẹ̀ ló ń dé tẹ́lẹ̀, ó wá ń gbálẹ̀ níwájú, ẹ̀yìn ẹ̀ sì gbé sókè bíi pé wọ́n fà á. Mo ní kí n gé iwájú, mo wá rántí ìwé ìwọ̀n mi. Látìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀ ò yí padà rárá, gíga wọn látòkè délẹ̀ ti fi sẹ̀ntímítà 5 dín. Ikùn wọn sì yọ síwájú láìsanra, wọ́n ní oúnjẹ díẹ̀ ti yó àwọn. Dókítà tá a kọ́kọ́ rí ní ogbó ni, ká lọlé. Ibòmíì ni wọ́n ti ya fọ́tò eegun, eegun méjì ti wó níwájú, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì dúró, bíi búlọ́ọ̀kù tí òjò jẹ lápá kan. Wọn ò ṣubú o! Garawa omi ni wọ́n gbé, ẹ̀yìn dùn wọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n fi róòbù pa á.

Nọ́ọ̀sì Tánkẹ̀: Ẹ rí i, Alfa? Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan ò fi gbà á. Tìmùtìmù tó ń fẹ́lẹ́ ń rọra lọ, gbogbo wa la máa jẹ níbẹ̀. Eegun tó gbẹ tó wó ní tiẹ̀ àìsàn ni, ó ní oògùn, èyí tó bá wó lónìí sì lè jẹ́ kí òmíì tẹ̀ lé e. Tí gíga bá ti fi bíi sẹ̀ntímítà 4 dín sí ti ìgbà ọ̀dọ́, kí wọ́n lọ ya fọ́tò ẹ̀yìn, kódà kó má dùn wọ́n. “Ìwó eegun ẹ̀yìn” ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yẹn.

Ọmọ Òmù-Àrán: Nílé wa wọ́n máa ń ní “ilẹ̀ ti ń fà wọ́n”.

Ìyá Télọ̀, Òfà: Ìwọ lo máa sọ ọ́ létí ìyá mi, kì í ṣe èmi.

Alfa Pàkátà: Ó ti yé mi. “Kíkúrú àgbà” lápapọ̀, lábẹ́ ẹ̀ ni “ìwó eegun ẹ̀yìn” máa wà lọ́tọ̀, èmi á sì yọ ìsúnkì. Tìmùtìmù ni mi ò tíì gbà, torí orí ẹ̀ la ń jókòó sí. Mo fẹ́ yà lọ́dọ̀ àwọn alápatà Ọjà-Ọba lọ́la, kí n bi wọ́n orúkọ tí wọ́n ń pe ti màlúù.

Bàbá Tíṣà: Iké ṣì ni.