Kí la ó pe ẹni tó ń já lu ọ̀rọ̀ aláwàdà?

Olùbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìwé kékeré fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa ṣàwàdà lórí ìtàgé. Kí la ó pe ẹni tó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí aláwàdà láti àárín èrò? Ọ̀rọ̀ tí aláwàdà fi ń yọ ara rẹ̀ nígbà tẹ́nikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Aláriwo ti tó. Kí wọ́n mú un jáde, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Ìlọrin: Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì, aláriwo ò bá a mu. Àwọn tó ń tàkúrọ̀sọ nídìí tábìlì náà ń pariwo, àmọ́ wọn ò bá aláwàdà wí. Tó bá dákẹ́ díẹ̀, ohùn wọn á dá ta yọ, àwọn náà á dákẹ́. Ajálurọ̀ ni mo dábàá fún ẹni tó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí aláwàdà, torí òun mọ̀ọ́mọ̀ ń já lu ọ̀rọ̀ ni.

Àwọn ará ẹ̀yìn kì í sábà gbọ́ ohun tí ajálurọ̀ sọ. Bí aláwàdà bá fèsì lójijì, lójú tiwọn, ńṣe ló kàn ń bú èèyàn. Kó kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ sínú máìkì. Ká ní ẹnì kan ké pé, "A ti gbọ́ ọ rí!" Kó ní, "Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ọ rí. Ó dáa, ẹ bá mi parí ẹ̀." Ọ̀pọ̀ ajálurọ̀ ò ní ọ̀rọ̀ kejì lẹ́nu. Tí èrò bá rẹ́rìn-ín tán, kó padà síbi tó ti dúró gan-an. Ìgbà tí èrò fúnra wọn bá ń pòṣé sí onítọ̀hún ni èsì tó le tó wúlò. Ṣáájú ìyẹn, ẹ̀yìn ajálurọ̀ ni wọ́n máa gbè sí. Lọ́dún 2006, aláwàdà kan tó ń jẹ́ Michael Richards bú àwọn tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nítorí àwọ̀ ara wọn. Òun ló padà tọrọ àforíjì lórí tẹlifíṣọ̀n.

Alága Ìjókòó: Níbi ìdána, jíjá lu ọ̀rọ̀ niṣẹ́ wa! Alága ìdúró á bẹ̀rẹ̀, màá já a gbà. Ṣé ajálurọ̀ lèmi náà? Tí àwàdà mi ò bá pani lẹ́rìn-ín, orin ni mo máa ń gbé. Kí wọ́n tó gbè é tán, mo ti rí ohun tí màá sọ tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n Ìlọrin: Orin yẹn gan-an! Nígbà ayé Johnny Carson, aláwàdà tó ń darí ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, bí àwàdà rẹ̀ ò bá wọlé, àwọn onílù rẹ̀ á lu orin àtijọ́ kan, á sì jó sí i. Ẹni tí ò ní onílù lè sọ ọ́ jáde pé, "Ìyẹn ò dùn mọ́ yín," kó sì sáré mú àwàdà kúkúrú tó dá a lójú. Kó má ṣàlàyé èyí tó kú. Àmọ́ tí àwọn ará iwájú bá rẹ́rìn-ín, tí tẹ̀yìn dákẹ́, kó yẹ máìkì wò ná. Ọ̀rọ̀ ìdóòlà ni mo pe gbólóhùn tí aláwàdà fi ń yọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ìdóòlà wúwo jù. Ẹni tó rì sómi là ń dóòlà.

Olùbéèrè: Mo mú ajálurọ̀. Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò kan àwọn alága. Ti ìdóòlà ṣì ń ṣe mí kámi-kàmì-kámi. Ẹ bá mi wá òmíràn.