Pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ọmọ mi ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ wà ní Houston. Ṣé èmi nìkan lè mú un lọ?

Ìyá Ìretí, Ìgbógbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ti la irú èyí kọjá, kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn. Houston ni mo bí ọmọbìnrin mi sí, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí a gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì ti kọjá. Bàbá rẹ̀ ti padà síbẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ìjà kankan ò sí láàrin wa, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó lè wálé.

Ohun tí mo rò ni pé àwa méjèèjì ti jọ fọwọ́ sí i nígbà àkọ́kọ́, nítorí náà ká kàn tún un ṣe ló kù. Ìgbà tí mo kà á dáadáa ni mo rí i pé kí bàbá àti ìyá jọ yọjú. Bàbá rẹ̀ wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda DS-3053 lórí tábìlì oúnjẹ rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní Sàbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ọjọ́ tí kọ́ńsúlétì Amẹ́ríkà dá fún wa ní Victoria Island pé. Ṣé ohun tó wà lọ́wọ́ mi yìí tó?

Bọ̀dá Odógunyàn

Ẹ má da ara yín láàmú, Àlàùsá ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ka iye ènìyàn, NIN ọmọ, àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda àwọn òbí. Ẹ san ₦100,000 lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ mú ọmọ dání fún fọ́tò. Èyí tí mo ṣe fún ọmọ mi kẹ́yìn nìyẹn.

Àǹtí Ẹ̀bùté

Bọ̀dá, pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà lobìnrin yìí ń wí o! Èyí tí ẹ sọ, ti Nàìjíríà ni. 😂

Lọ́yà Òpópónà

Ẹ̀yin obìnrin wa ń jìyà lásán ni. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt ti dá irú ẹjọ́ yìí ní 2009, pé obìnrin kò nílò àṣẹ ọkọ kó tó gba pásípọ́ọ̀tù. Ẹ lọ búra ní kóòtù wa ní Ìkòròdú pé ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú ọmọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ mú un lọ. Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Ìtámágà

Lọ́yà, ẹjọ́ 2009 yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Dókítà Priye Iyalla-Amadi ló pè é. Ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kí ọkọ kọ lẹ́tà fún, kì í ṣe ti ọmọ. Òfin Nàìjíríà sì ni. Ará Amẹ́ríkà tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní kọ́ńsúlétì wọn ní Walter Carrington ò ní fi dá ohunkóhun. Ìbúra ìyá nìkan ò sì lè dípò ọ̀rọ̀ bàbá tó wà láàyè, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ẹ̀rí ìbí.

Ìyá Ìretí, mo ti ṣe é fún ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì mú mi lọ lẹ́ẹ̀mejì nítorí àṣìṣe lórí fọ́ọ̀mù DS-3053 yìí kan náà. Pásípọ́ọ̀tù ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ọdún márùn-ún péré ló ń lò, wọn kì í sì í tún un ṣe bíi ti àgbà. Bí ẹni tí kò gbà á rí lẹ máa bẹ̀rẹ̀: fọ́ọ̀mù DS-11, ọmọ fúnra rẹ̀, ìyọ̀ǹda òbí méjèèjì. Ẹ má fọwọ́ sí DS-11 yẹn nílé o, iwájú wọn lẹ ó ti fọwọ́ sí i.

Bàbá tí kò lè wá ni DS-3053 wà fún, ẹ ò ṣì í. Àmọ́ ọwọ́ tó fi sí i lórí tábìlì oúnjẹ, kò já mọ́ nǹkan kan. Iwájú nọ́tárì ló gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i. Ní Houston kò le: báńkì ńláńlá ní nọ́tárì, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ náà ní i. Kó tẹ fọ́ọ̀mù tuntun, kó kọ gbogbo rẹ̀ tán, kó kọ orúkọ yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fún láṣẹ, kó wá fi àyè ìbuwọ́lù sílẹ̀ lófìfo títí nọ́tárì yóò fi máa wò ó. Ọjọ́ tó kọ àti ọjọ́ tí nọ́tárì kọ gbọ́dọ̀ bára mu. Nọ́tárì náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ mọ̀lẹ́bí.

Ibi tí tèmi ti dàrú nìyí. Ìyàwó mi kọ nọ́mbà láísẹ́nsì ọkọ̀ rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, ó wá so fọtokópì pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mọ́ ọn. Obìnrin tó gba ìwé náà fi bírò gun nọ́mbà méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá ìwé padà. Ìwé ìdánimọ̀ tó bá fi hàn nọ́tárì ni kó ṣe fọtokópì rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn láísẹ́nsì ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé.

Ìyá Ìretí, Ìgbógbó

Ha! Iwájú láísẹ́nsì nìkan náà ló fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Tó bá lọ sọ́dọ̀ nọ́tárì, ṣé kó tún fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù?

Ẹ̀gbọ́n Ìtámágà

Èmi o, ìwé gan-an tó ní òǹtẹ̀ ni mo ní kí wọ́n fi kúríà rán. Oṣù mẹ́ta ni ìyọ̀ǹda yẹn ní látọjọ́ tó fọwọ́ sí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yín ò ní bà á jẹ́. Tí kúríà bá pẹ́, ẹ sún ọjọ́ yín síwájú dípò kẹ́ ẹ lọ lọ́wọ́ òfo.

Àǹtí Ẹ̀bùté

Àbúrò mi ní fọtokópì ni òun mú lọ, wọ́n sì gbà á.

Ẹ̀gbọ́n Ìtámágà

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Láti Ìgbógbó dé Victoria Island kì í ṣe ọ̀nà téèyàn ń rìn lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ láti Ìpákódó ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ má gba Mile 12.

Ìyá Ìjẹdẹ

Ẹ fojú àánú wo tèmi náà. Bàbá ọmọ mi ti lọ láti ọdún mẹ́fà, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́, àwọn èèyàn rẹ̀ ní àwọn ò mọ ibi tó wà. Orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ. Ta ni yóò lọ sọ́dọ̀ nọ́tárì fún mi?

Ẹ̀gbọ́n Ìtámágà

Ìyá Ìjẹdẹ, ẹ pẹ̀lẹ́. Ká ní orúkọ yín nìkan ló wà lórí ìwé ẹ̀rí ìbí ni, ìyẹn ì bá tó. Ká ní ó ti kú ni, ìwé ẹ̀rí ikú. Tí kóòtù bá ti fi ọmọ sọ́wọ́ yín nìkan, ẹ mú ìwé ìdájọ́ náà lọ. Irú tiyín ni wọ́n ṣe fọ́ọ̀mù DS-5525 fún. Ẹ kọ gbogbo ibi tẹ́ ẹ wá a dé síbẹ̀: nọ́mbà tẹ́ ẹ pè, ìgbà tẹ́ ẹ pè é, èèyàn rẹ̀ tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ àti èsì tó fún yín. “Mi ò rí i” lásán ò tó. Ọwọ́ wọn ni ìpinnu wà ṣá o, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lọ gba ìwé kóòtù síbẹ̀.

Ìyá Ìjẹdẹ

Èyí tí mo pè lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́? Mi ò kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́yà Òpópónà

Ẹ wo inú Wátsáàpù yín àtijọ́, ọjọ́ wà lórí ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìtámágà

Ibí yìí, Lọ́yà sọ̀rọ̀ gidi.

Ìyá Ìretí, Ìgbógbó

Bàbá Ìretí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta lòun máa lọ sí báńkì. Mo ti ní kó má fọwọ́ kan bírò títí yóò fi débẹ̀.