Báwo ni ímeèlì àjọṣepọ̀ mi kò ṣe ní jọ ti oníjìbìtì?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Mo ń rán àpò, mo sì fẹ́ kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan tí kò mọ̀ mí rí, pé kí a jọ ṣe àpò tí yóò bá ìwé wọn lọ. Mo ti yọ fáìlì àsomọ́ kúrò, torí ẹni tí kò mọni kì í fẹ́ ṣí i. Gbólóhùn àkọ́kọ́ dárúkọ ìwé ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde, àpò kan ṣoṣo ni mo sì ní kí wọ́n gbà yẹ̀ wò. Ṣé kí n sọ níbẹ̀ pé èmi nìkan ni mo ń ṣiṣẹ́ yìí, àbí kí n dúró de èsì wọn? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.