Ìdáhùn: "rí" tó wà nínú "àwárí" yẹn

Ọmọ Ìjẹ̀bú kọ ọ́ pé:
> Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi tí ẹ̀rọ AI tó ń dáhùn ìbéèrè ti ń ka ọ̀rọ̀ gígùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni mo pè ní "ìrántí gígùn", kéèyàn wá kìkì abala ọ̀rọ̀ tó bá ìbéèrè mu fún un ni mo pè ní "àwárí". Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbẹ̀ ni mo kó jọ, ó pọ̀ gan-an. Ṣé kí n kó gbogbo ẹ̀ fún un ni àbí kí n máa wá a lábala?

Tíṣà Àgbà:
Ìrántí kọ́ o. Nínú ọ̀rọ̀ tó o kó jọ, kò rántí nǹkan kan, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ẹ̀ nìkan ló mọ̀. Àwárí yẹn ló tiẹ̀ bí mi nínú jù. Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, kò ní padà sílé láìrí i. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀: tó o bá ní kó mú abala 5 wá, 5 ló máa mú wá, ìdáhùn ì báà sí níbẹ̀ tàbí kó má sí, ẹ̀rọ á sì fi ohun tó rí gbà dáhùn. Ìwákiri ni.

Ẹlẹ́rọ Ìbàdàn:
Tíṣà, ọ̀rọ̀ àná nìyẹn. Ní 2024 ni Gemini 1.5, ẹ̀rọ AI ti Google, ti gba mílíọ̀nù kan tókìn, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ kéékèèké, lẹ́ẹ̀kan náà. Kó da gbogbo ẹ̀ sí i, kí la tún ń wá kiri?

Tíṣà Àgbà:
Kó gbà á ọ̀tọ̀, kó kà á dáadáa ọ̀tọ̀. Ìwádìí kan jáde ní 2023 tó fi hàn pé ohun tó wà níbẹ̀rẹ̀ àti níparí ni àwọn ẹ̀rọ yìí ń mú dáadáa, tàárín ń bọ́. Àwọn tuntun ti sàn jùyẹn lọ, àmọ́ dán an wò: fi gbólóhùn kan tó o mọ̀ síbẹ̀rẹ̀, bi í, gbé e sáàárín, tún bi í. Ọmọ mi, tó bá jẹ́ "ta ló dárúkọ ebè", wá a lábala. Tó bá jẹ́ "níbo ni bàbá ti yí ọ̀rọ̀ padà", fún un ní gbogbo ọ̀rọ̀ bàbá yẹn, torí kò sí abala kan tó lè dá sọ ìyẹn.

Abẹ̀ní Lọ́ńdọ̀nù:
Ní tèmi o, ọ̀rọ̀ ìyá mi àgbà ni mo gé lábala, mo béèrè ọdún tí bàbá wọn kú, ló bá gbé ọdún ikú ẹlòmíì fún mi. "Ó kú lọ́dún náà" ló wà nínú abala tó mú wá, "ó" tiwa yìí ò mọ ọkùnrin kò mọ obìnrin, orúkọ ti wà nínú abala tó ṣáájú. Ìgbà tí mo kọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń sọ sórí abala kọ̀ọ̀kan, tí mo sì jẹ́ kí ìparí ọ̀kan tún hàn níbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, ló tó gún. Ibi tí wọn ò sì ti fi àmì sí i, mo wá ọkọ́, ó kó oko àti ọkọ wá.

Tíṣà Àgbà:
Ohun tí mo ṣe ń pariwo àmì nìyẹn! Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fi àmì sí i, ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ "ẹ́" lè ju ẹyọ kan lọ, ojú ò ní mọ̀ ọ́n, kọ̀ǹpútà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di NFC, ìyẹn ìlànà Unicode tó ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ lẹ́tà kan di ẹyọ kan, kẹ́ ẹ tó gé e, ìbéèrè náà bákan náà.

Ẹlẹ́rọ Ìbàdàn:
Mo gbọ́ ti àmì. Àmọ́ ìwákiri, ọ̀daràn ni wọ́n ń wá kiri. "Rí" ò fi dandan sọ pé ohun tó tọ́ ni wọ́n rí, èèyàn lè rí ohun tí kò wá. Àwárí lèmi á máa kọ.