Húùkù inú fídíò télọ̀: ìdẹ ni àbí ìkọ́?

Géfídíò Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mò ń ṣe fídíò ìpolówó fún télọ̀ kan n'Íbàdàn, Yorùbá ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta há mi lọ́fun nínú ìwé tí mò ń kọ fún àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni ohun tó ń mú ojú èèyàn níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní húùkù. Èkejì, bí fídíò ṣe ń yára tàbí bó ṣe ń rọra lọ. Ẹ̀kẹta, ohun kan ṣoṣo tí a ní kí òǹwòran ṣe níparí. Ẹnì kan kọ ọ́ sí "ìpè sí ìṣe", kò sì dùn létí mi rárá. Kí ni ká máa pè wọ́n?

Télọ̀ Òjé:
Ọmọ mi, kí ló le nínú húùkù? Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ la ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Irin kékeré ẹ̀yìn bùláùsì ni, ojú rẹ̀ sì wà ní apá kejì tó máa ń kọ́. Ṣùgbọ́n bùbá kì í ní húùkù o. Ṣíìpù ni àwọn obìnrin ìwòyí sì ń fẹ́. Ta ló ní kí ẹ lọ yà á ní fídíò?

Gé-e-kíá:
Bàbá, kì í ṣe ti bùláùsì o. Ti fídíò ni wọ́n ń sọ, ohun tí kò ní jẹ́ kéèyàn fi ìka ti fídíò yín kọjá. Ẹ pè é ní ìwọ̀, bíi ti apẹja, ó tán. Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé kò sẹ́ni tó ní sùúrù mọ́. Ẹ gé gbogbo àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹni tó ń wò ó kò ní ráyè lọ.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Gé-e-kíá, ẹja kì í rí ìwọ̀. Ìdẹ ló ń rí. Tó bá jẹ́ pé ohun tí ojú kọ́kọ́ bà là ń wá orúkọ fún, ìdẹ ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìdẹ náà ní tiẹ̀ lára. Ẹni tó ń dẹ tàkúté kò fẹ́ ire fún ohun tó ń bọ̀ wá kó sí i. Mi ò ní fẹ́ kí télọ̀ máa sọ pé òun dẹ oníbàárà.

Ìkọ́ ni mo fọwọ́ sí. Agbádá tí a gbé kọ́ sórí ìkọ́ ṣì wà lódindi nígbà tí a bá gbé e sọ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé tí ẹ kò bá fi àmì ohùn sí i, ọmọ tó ń kà á á rò pé ikọ́ tí ń ṣe èèyàn lọ́fun lẹ ń sọ.

Nǹkan náà fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Àlọ́ àpamọ̀ ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "Òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò", ẹ ò ní lè dìde títí wọn ó fi sọ fún yín pé ẹ̀wà ni. Ìbéèrè ló dì yín mú, kì í ṣe ariwo.

Olóòtú Ṣómólú:
Olùkọ́ ti fẹnu ba ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe, bóyá orúkọ á ti ìdí rẹ̀ yọ.

Télọ̀ kan gbé fídíò wá bá mi, ó ní àwọn èèyàn ń wò ó, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ránṣọ. Ìṣẹ́jú àáyá 74 ni. Nínú mẹ́fà àkọ́kọ́, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló ń yí bírípó. Ọ̀gá wá jókòó, ó kí wa káàbọ̀, ó dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Àwòrán stáìlì bí ogún tẹ̀lé e, a kò sì fojú kan abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Níparí ó ní: pè wá, tẹ̀lé wa, wá sí ṣọ́ọ̀bù, fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Mo ní kó ṣí ìlà tó ń fi iye ẹni tó ṣì ń wò hàn lórí fóònù rẹ̀. Ìlà ọ̀hún ti já wálẹ̀ kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó yí tán.

A tún un ṣe pẹ̀lú aṣọ kan péré. Ọkọ ìyàwó kan ló gbé ìró sányán ìyá rẹ̀ wá, kí wọ́n fi ṣe bùbá àti fìlà fún un. Àwòrán àkọ́kọ́: àlùmọ́gàjí ti la ẹnu sí etí sányán, kò tíì gé e. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú rẹ̀ ni "Ìró ìyá ọkọ ìyàwó rèé. A fẹ́ gé e." Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ta ló máa rí àlùmọ́gàjí lára aṣọ òkè ìyá ẹlòmíì tí àyà rẹ̀ ò ní já? A kọ ọ̀rọ̀ náà sójú fóònù torí pé ọ̀pọ̀ ló ń wo fídíò láì ṣí ohùn, pàápàá nínú ọkọ̀ tàbí níbi iṣẹ́. A sì kọ ọ́ sókè díẹ̀, torí orúkọ ẹni tó fi fídíò síta àti àlàyé rẹ̀ máa ń bo ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá 15 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́. Àwòrán mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Mẹ́jọ nínú wọn ò ju ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ lọ: téèpù léjìká, ṣọ́ọ̀kì, gígé, òwú tó ń wọ ojú abẹ́rẹ́, áyọ́ọ̀nù. Àwòrán kan ṣoṣo ni mo jẹ́ kó lo mẹ́ta, níbi tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti ń ṣe ọnà sí ọrùn bùbá. Ibẹ̀ ni Gé-e-kíá ti ṣì í. Òótọ́ ni pé kò yẹ kí gígé lọ́ra, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gé ọnà ọrùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú kò ní rí iṣẹ́ ọnà tí ẹ fẹ́ tà. Ìyára gan-an á sì di gbọọrọ kan náà, kò ní sí ibi tí ara ti máa ta.

Ó wá ku mẹ́fà fún ìyá. Ó wọlé, ó rí ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan etí aṣọ náà. A ò gé e rárá. Mẹ́fà ìkẹyìn ni ti ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe: "Ya fọ́tò aṣọ tó wà nínú àpótí ìyá rẹ, fi ránṣẹ́ sí wa lórí Wásáàpù," pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 30.

Télọ̀ Òjé:
Háà. Ó ti yé mi wàyí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lẹ gọ́ọ̀mù-síteè mọ́ ẹ̀yìn sányán yẹn kí wọ́n tó gé e? Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun aṣọ òkè kí wọ́n tó rán an pọ̀. Tí àlùmọ́gàjí bá gbà á lójú láìsí ohun tó dì í, òwú á máa tú. Télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi tó bá wo fídíò náà ibẹ̀ ló máa wò.

Ẹ̀yin ń wá orúkọ fún ìparí, àwa sì ní i. Ìṣẹ́tí ni. Aṣọ tí a kò bá ṣẹ́ etí rẹ̀ kò tíì parí, bó ti wù kó dára tó. Ẹ̀ẹ̀kan la sì ń ṣẹ́ ẹ. Etí tí a ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin á nípọn, kò ní jókòó dáadáa. Bí fídíò ṣe ń yára, ẹ pè é ní ìrìn abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ wa ní ibi tí a ti ń yí i: ìrìn kúkurú síbi tó gbọ́dọ̀ dúró gírígírí, gígùn síbi tí a fẹ́ kó súnkì.

Ìyá Aláṣọ Pékámù:
Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Èmi ní tèmi, mo ń ránṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo fi ohun mẹ́ta síparí fídíò mi, gbogbo ẹni tó kọ̀wé sí mi ló sì ń béèrè "Èló ni?" Kò sẹ́ni tó fún mi ní déètì. Ṣé kí n kúkú kọ iye owó síbẹ̀ ni?

Olóòtú Ṣómólú:
Àǹtí, ẹ má tíì kọ iye owó. "Èló ni?" làwọn èèyàn máa ń béèrè tí a kò bá sọ ohun tí wọn máa kọ fún wọn. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan tó rọrùn láti dáhùn: "Kọ ọjọ́ ìnáwó rẹ sí wa." Ẹni tó bá ti kọ ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin náà á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ẹ lè rán an kó tó dọjọ́ náà, ẹ ò sì ní di télọ̀ tó ń sọ pé "ó kù bọ́tìnì nìkan".

Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ náà sínú líǹkì Wásáàpù fúnra rẹ̀, kí oníbàárà kàn fi ọjọ́ kún un. Nọ́ńbà orílẹ̀-èdè ló máa ń ṣáájú, láìsí àmì ìròpọ̀, ẹ sì yọ òdo tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà fóònù yín. 44 ni tiyín, tàwa níbí 234:

```
https://wa.me/44XXXXXXXXXX?text=Ojo%20inawo%20mi%20ni%20
```

Àlàyé abẹ́ fídíò lórí Ínstágíráàmù kì í jẹ́ kí líǹkì ṣí téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé yín ni kí ẹ fi í sí. Nínú fídíò, ẹ kọ nọ́ńbà gbàǹgbà, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi lè kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti pòórá kẹ́ ẹ tó ka èkejì tán, ó yá jù.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ ibi tó ti wọ́ kò ṣòro. Tí wọ́n bá ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ àárín ni wọ́n ń já sí, ìrìn rẹ̀ ni. Tí wọ́n bá wò ó dópin tí wọn ò kọ nǹkan kan, ìṣẹ́tí Bàbá ni.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Bàbá ti pa mí lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn mi kan ṣì wà. Etí aṣọ yí aṣọ ká, ó wà lọ́wọ́, ó wà lẹ́sẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ ìṣẹ́tí lè rò pé kí òun máa kọ nọ́ńbà sí gbogbo àwòrán. "Ìrìn" nìkan sì tó fún èkejì. Ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ sinmi.

Gé-e-kíá:
Ìdẹ ni mo wá gbà báyìí, mi ò gba ìkọ́. Ẹ̀yin ni ẹ ní kí àyà òǹwòran já nítorí àlùmọ́gàjí, ẹ wá ń sọ pé kì í ṣe ìdẹ. Ṣé wọn ò dẹ mí ni?

Olóòtú Ṣómólú:
Wọn ò dẹ ọ́. Wọ́n gé aṣọ náà lóòótọ́, o sì rí i. Ká ní a fi àlùmọ́gàjí hàn tí a sì wá ń ta léèsì ni, ìyẹn ni ìdẹ.

Géfídíò Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ "ìrìn" àti "ìṣẹ́tí" sínú ìwé náà, mo sì fi ìlà kan kún un pé ìṣẹ́tí kan ṣoṣo ló wà, ìparí ló sì ń gbé. Ìdẹ àti ìkọ́ ṣì wà níbẹ̀ méjèèjì, ká wo èyí tí àwọn ọmọ máa fẹnu pè. Télọ̀ mi ní kò sí sányán ìyá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òun báyìí. Gèlè àlàárì kan tó ti ya ló wà níbẹ̀, olówó rẹ̀ ò sì tíì gbà kí a yà á ní fídíò.

Télọ̀ Òjé:
Ibo ló ti ya? Tó bá jẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ ni, kò tíì bàjẹ́. Ẹ bẹ olówó rẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ fídíò láti ibi tó ya yẹn.